Oyún Tó Dúró sí Ìta Ilé Ọmọ: Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀ẹ̀kan Kò Tó

Bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ bá ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ kan sì ń dùn ún, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń sọ ni pé oyún ló fẹ́ wálẹ̀. Wọ́n á ní kí ó lọ dùbúlẹ̀, kí ó má gbé ohun tó wúwo. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí oyún náà má sí nínú ilé ọmọ rárá. Èrò tèmi ni pé ibi tí a ti máa ń ṣìnà jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé a máa ń fi àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìdájọ́ ohun tí ó nílò àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán.

Oyún tó dúró sí ìta ilé ọmọ ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní ẹkitópíìkì. Èyí tó ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún irú oyún bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nínú ọ̀nà ẹyin, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá lọ sí ilé ọmọ. Bí àkóràn abẹ́ tí a kò tọ́jú dáadáa, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, bá ti dí ọ̀nà yìí díẹ̀, ọlẹ̀ lè há síbẹ̀ kí ó sì máa dàgbà. Ọ̀nà ẹyin kò lè gbòòrò bí ilé ọmọ. Bí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò ti lè rí i. Nígbà náà ni òòyì á máa kọ́ obìnrin náà, tí ara rẹ̀ á tutù, tí èjìká rẹ̀ sì lè máa dùn ún, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ti ń yọ iṣan tó wà lábẹ́ àyà lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń jáde lójú ara kò fi bí èyí tó ń dà sínú ikùn ṣe pọ̀ tó hàn.

Ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè ta wá lólobó. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni họ́mọ́ònù oyún, èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé àbájáde ní hCG. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kàn ń sọ pé oyún wà ni. Kò lè sọ ibi tí ó wà. Iye kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò lè sọ ọ́. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni bí iye náà ṣe yí padà lẹ́yìn wákàtí 48.

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ sì ń dùn ún. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ikùn rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan nínú ilé ọmọ. Iye hCG rẹ̀ jẹ́ 840. Ó lè jẹ́ pé oyún rẹ̀ ṣì kéré jù fún ẹ̀rọ láti rí. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè dá a lójú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí ilé àyẹ̀wò kan náà, nítorí pé èsì ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Iye náà wá di 1,050. Ó lé ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún oyún tó wà ní ipò rẹ̀, tí iye àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sì tó 1,500, a máa ń retí kí ó lé ní nǹkan bí ìdá 49, ó kéré tán. Tirẹ̀ ì bá ti tó nǹkan bí 1,250.

Èyí kò tíì fi hàn pé ẹkitópíìkì ni, nítorí pé oyún tó fẹ́ bàjẹ́ nínú ilé ọmọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, àwọn oyún ẹkitópíìkì kan wà tí iye wọn ń lé bí ti oyún tó dára, ọ̀nà ẹyin sì lè ya nígbà tí iye náà ṣì kéré. Ìdí nìyí tí àwòrán fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán náà láti ojú ara, wọ́n rí kókó kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 22 lẹ́bàá ibi tí ẹyin ti ń jáde ní apá òsì. Ọkàn ọlẹ̀ kò lù níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn.

Nítorí pé wọ́n tètè mọ̀ ọ́n, obìnrin yìí ní ohun tó lè yàn. Èkínní ni abẹ́rẹ́ mẹtotirẹséètì, tó ń dá ìdàgbà oyún náà dúró kí ara lè fà á gbẹ. A máa ń lò ó fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ìrora rẹ̀ kò pọ̀, tí kókó náà kò tó mìlímítà 35, tí iye hCG rẹ̀ kò sì ga, pàápàá bí kò bá tó 1,500. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n á tún rí i dájú pé kò sí oyún tó dára nínú ilé ọmọ, nítorí pé oògùn yìí á bà á jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ máa lo fólíìkì ásíìdì tí wọ́n ń fún aláboyún, nítorí pé ó ń tako oògùn náà.

Abẹ́rẹ́ náà kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Bí a bá ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí ọjọ́ kìíní, wọ́n á tún wọn ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ keje. Ní ọjọ́ kẹrin, iye obìnrin wa gòkè di 1,200. Èyí kì í ṣe ohun ìpayà. Ní ọjọ́ keje, ó wá sí 900. Ó dín ní ìdá 25, bẹ́ẹ̀ ìdá 15 ni ó kéré jù tí a ń retí láàárín ọjọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa wá títí iye náà yóò fi tán pátápátá, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí kò bá dín tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ kejì tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ìrora bá sì le lójijì nígbàkigbà, ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ sáré lọ, àní bí iye náà bá tiẹ̀ ti ń dín.

Èkejì ni iṣẹ́ abẹ. Bí ọ̀nà ẹyin bá ti ya, òun nìkan ló kù, kò sì gbọ́dọ̀ falẹ̀. Bí ọ̀nà ẹyin kejì bá dára, wọ́n sábà máa ń yọ èyí tó bàjẹ́, obìnrin náà sì ṣì lè lóyún láti inú èyí tó kù.

Ní orílẹ̀-èdè wa, mo gbà pé iṣẹ́ abẹ lè sàn fún ẹlòmíràn bí oyún rẹ̀ tiẹ̀ yẹ fún abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, tí kò ní owó àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì rí ọkọ̀ wọ̀ lóru, inú ewu ni a fi í sí bí a bá fún un ní abẹ́rẹ́ tí a sì ní kí ó máa lọ sílé. Ó yẹ kí dókítà béèrè ibi tí ó ń gbé àti ẹni tí yóò gbé e wá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń béèrè iye hCG rẹ̀.

Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá sọ pé oyún wà, tí ẹ̀rọ kò sì rí i nínú ilé ọmọ, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà má ṣe sọ pé "ẹ lọ máa sinmi" kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò padà wá sórí káàdì rẹ̀, kí wọ́n kọ iye àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún òun àti ẹni tó tẹ̀ lé e wá pé òòyì, dídákú, ìrora èjìká tàbí ìrora ikùn tó le kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ náà.