Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Oko Olóko Kì Í Ṣe Ọ̀nà

Ohun tí òwe yìí ń sọ kò ṣòroó mọ̀. Bí ọ̀nà kan bá dí, ká gba òmíràn. Ọjà náà la ṣáà ń lọ. N kò ní dúró pẹ́ níbẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wa gbé òwe náà dé báyìí ló ń dùn mí, àti bí àwa òbí ṣe ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

Àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì kan ló fà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń múra ìdánwò WAEC, tí wọ́n ń gba lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ nítòsí Tina Junction, nílùú Jọ́ọ̀sì, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ìbéèrè tí wọ́n fún wọn ni pé: bí ibi tí à ń lọ bá dára, ṣé a lè gba ọ̀nà burúkú débẹ̀? Wọ́n gbé e wá kí n bá wọn yẹ àmì ohùn wò. Bí ó bá jẹ́ ti ìlànà nìkan ni, wọ́n gbìyànjú: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ohun tó ń fara ṣe sì wà nínú àkámọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè gbé bírò sílẹ̀. Bí ó ṣe parí rèé:

Ẹni kìíní: Bàbá mi ti sanwó. Abúlé kan ni mo ti máa lọ ṣe ìdánwò náà. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà, kí n lè máa tọ́jú aláìsàn. Ṣé ohun burúkú nìyẹn?

Ẹnìkejì: Kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ẹ ńkọ́?

Ẹni kìíní: Ta ni yóò mú mi? Alábòójútó fúnra rẹ̀ ti gba tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà o.

Ẹnìkejì: (Ó mi orí.) Òótọ́ lo sọ.

Ó tán síbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ohun tí ẹni tó ń gbèjà òtítọ́ mọ̀ kò ju ìbẹ̀rù pé wọ́n lè múni. Nígbà tí wọ́n gba ìbẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ibi tí a kọ́ ọ dé nìyẹn, nítorí nínú ilé wa, “kí wọ́n má mú ẹ” ni à ń sọ fún ọmọ, a kì í sọ ìdí tí nǹkan náà fi burú.

Ó burú, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí sí àárín méjì. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó fi ṣe àwíjàre yẹn gan-an. Dókítà ní kí wọ́n fún ọmọdé kan ní oògùn amọsilín, mílígíráàmù 250. Èyí tó wà nínú ìgò olómi jẹ́ mílígíráàmù 125 nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó ni nọ́ọ̀sì yóò wọ̀n? Mẹ́wàá ni. Ìṣirò ilé-ìwé ni, irú èyí tí olùkọ́ ti bá a kọ sójú pátákó lọ́jọ́ ìdánwò, tí òun sì dà kọ láìmọ ibi tí iye náà ti wá. Lóru, ní wọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tí yóò kọ nǹkan kan sójú pátákó fún un. Ìtọ́jú aláìsàn tó sọ pé òun tìtorí rẹ̀ jí ìwé wò, ìwé tó jí wò náà ni yóò ba ìtọ́jú yẹn jẹ́. Kò sí òpin rere kankan níbẹ̀ mọ́ tí ọ̀nà burúkú ìbá gbé wa dé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe màgòmágó ìdánwò yìí, ẹ gbọ́. Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ WAEC bá ti ń súnmọ́, wọ́n á yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé rẹ̀ nígboro, wọ́n á lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà. Kò jókòó ní kíláàsì níbẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n á kọ máàkì ọdún mẹ́ta fún un, láti ẹ̀ẹ́sì-ẹ́ẹ̀sì wáànù títí dé tìrí, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àjọ ìdánwò. Irọ́ ti wọ inú ìwé náà kí ọmọ tó gbé bírò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹnì kan á ya fọ́tò ìbéèrè, ìdáhùn á gba orí Wásáàpù wọlé, tàbí kí olùkọ́ kúkú dúró síwájú kó máa pè é, kí gbogbo wọn máa kọ.

Àwọn tó ń máàkì sì ń rí i. Ká ní ìbéèrè ni x² − 5x + 6 = 0. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2 àti 3. Olùkọ́ tó ń kánjú níwájú gbàgbé àmì, ó kọ −2 àti −3. Gbogbo yàrá dà á kọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìlà iṣẹ́ kan náà, àṣìṣe kan náà, níbi kan náà. Èèyàn lè gba ohun tó tọ́ lọ́nà kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n odidi yàrá kì í fúnra wọn ṣe àṣìṣe kan náà lójú ìlà kan ṣoṣo. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi orí ara rẹ̀ kọ 2 àti 3 nínú yàrá yẹn ni ó dà bí àjèjì láàárín wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá èsì ìdánwò dúró. Ní ọdún 2025, èsì àwọn tó lé ní 192,000 ni WAEC dá dúró ní Nàìjíríà nítorí ẹ̀sùn màgòmágó.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí yìí, ohun tí ẹnìkejì sọ náà ni mo tún sọ, pé wọ́n á mú ọ. Òwe mìíràn wà tó mú ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó jẹ kòkòrò kọ́ ni òwe yìí ń káàánú. Àwa tí a kò jẹ nǹkan kan, tí a fẹ́ sùn, ló ń káàánú.

Oorun tí wọ́n gbà lójú àwọn ọmọ ní 2025 kò ṣeé fẹnu sọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún náà, ọjọ́ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìbéèrè pẹ́ kó tó dé ọ̀pọ̀ ibùdó. Ọmọ tó ti jókòó láti àárọ̀ ń kọ̀wé di alẹ́, láìsí iná, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù. Nígbà tí WAEC ń tọrọ àforíjì, ohun tí àjọ náà sọ ni pé akitiyan kí ìwé má baà jò síta ló dá ìṣòro náà sílẹ̀. Ta ló ń jo ìwé? Àwọn tó ń sọ pé “ọ̀nà kan kò wọ ọjà” ni. Ta ló jókòó sínú òkùnkùn? Ọmọ tó ka ìwé rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì àti ẹkonọ́míìsì ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kí ìwé ẹni tó jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀ má baà rí bákan náà. Ọgbọ́n tó dára ni, màgòmágó ló sì bí i. Ṣùgbọ́n àṣìṣe wọ inú títẹ̀ ìwé ọ́bújẹ́tíìfù ti Gẹ̀ẹ́sì: kọ́kọ́rọ́ ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí èsì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sọ pé ó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un wò, tó di ìdá 62.96. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì yẹn ju 480,000 ọmọ lọ. Ọmọ tó ṣe dáadáa wà nínú wọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé ó fìdí rẹmi, tí ìyá rẹ̀ gbà gbọ́, tí àdúgbò sì ti gbọ́. Àjọ náà ló ṣe àṣìṣe, n kò bá wọn fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí olè, ta ni yóò máa yí àtẹ ìbéèrè padà?

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé oko olóko kì í ṣe ọ̀nà. Ọ̀nà ni ohun tí gbogbo wa lè gbà láì ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó gba inú oko ẹlòmíràn kọjá lè dé ọjà kíá, àmọ́ iṣu tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n pè é.

Àwọn kan á ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká dáhùn. Èyí tó wúwo ni ti ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba tí kò sí olùkọ́ kẹ́mísírì láti ọjọ́ tó ti wọlé. Kí ni kó ṣe? Òótọ́ ni pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mírákù sẹ́ńtà kì í ṣe ti tálákà. Owó ló ń ṣí i, ọmọ tí kò lówó ló sì ń kù sẹ́yìn nígbà tí ọmọ olówó bá gba ipò rẹ̀ níléèwé nọ́ọ̀sì. Ẹni tí òbí rẹ̀ ti sanwó kó má fi ìyà ọmọ yẹn bojú.

Ọ̀nà tó wọ ọjà kúkú pọ̀ ní tòótọ́, ọmọ tó kọ òwe yìí ni kò wò wọ́n. WAEC ń ṣe ìdánwò fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́, èyí tí a ń pè ní GCE, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. NECO wà. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, ó sì gbà kí ó jẹ́ ìjókòó ìdánwò méjì. Ọmọ tó ní mẹ́ta lọ́dún yìí lè gbájú mọ́ méjì tó kù fún odidi ọdún kan kó sì pa á pọ̀. Ó máa ń dunni láti dúró sílé ní ọdún kan nígbà tí ẹgbẹ́ ẹni ti wọlé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọdún kan pẹ̀lú kẹ́mísírì àti ìṣirò nìkan ti tó kí ọmọ mọ bí mílígíráàmù 250 ṣe ń di mílílítà 10. Owó tí bàbá rẹ̀ kó lọ sí abúlé yẹn, ká ní olùkọ́ lẹ́sìn tó wà ládùúgbò ló fún, ìbá tó fi kọ́ ọ lóṣooṣù, kí ti fọ́ọ̀mù GCE sì kù nínú rẹ̀.