Wọn ò yan Nadal jẹ

Lọ́dún 2024, Rafael Nadal tó ti gba ife Roland Garros lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá pàdé Alexander Zverev ní ìpele kìíní, ó sì fìdí rẹmi. Ọ̀pọ̀ ní wọ́n yàn án jẹ. Èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Èèyàn 128 ló ń wọ ìdíje náà. Àwọn 32 tí ipò wọn ga jù ló ń gba nọ́ńbà tí à ń pè ní síìdì. Síìdì 1 wà lókè, síìdì 2 wà nísàlẹ̀. Àṣekágbá nìkan ni wọ́n ti lè pàdé. Wọ́n á ṣẹ́ kèké pín síìdì 3 àti 4 sápá kọ̀ọ̀kan. Síìdì méjì kì í kojú ara wọn kó tó di ìpele kẹta. Àwọn 96 yòókù ńkọ́? Ibi tí kèké bá jù wọ́n sí ni.

Ìfarapa ló fa Nadal sẹ́yìn. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó fara pa jẹ́ kó wọlé, àmọ́ kò fún un ní síìdì. Síìdì 4 sì ni Zverev. Ká ní wọ́n fún Nadal ní síìdì torí orúkọ, ta ni wọn ì bá yọ? Ẹni tó fi oṣù méjìlá ṣiṣẹ́ fún un ni.