Aṣọ ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ìkíni tó dé

Ìwọ tó ò ń ya fídíò aró ní Ògìdì, ìlú Nike Davies-Okundaye, jọ̀ọ́, má fi “ẹ káàbọ̀ o” bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kíni, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tó ń yí fóònù kì í dúró gba kíkí.

Ohun tó ń dá ojú dúró wà nínú ìkòkò. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró ẹ̀lú, kì í tíì jẹ́ búlúù. Ńṣe ló máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí èmi ṣe máa gé e rèé. Ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, aṣọ ti ń jáde, ọwọ́ aláró sì kún ojú fóònù. Ní ìkejì sí ìkẹta, kọ “Kí ló dé tó rí bí ewé?” sáàárín, torí àkọlé àti bọ́tìnì máa ń bo ìsàlẹ̀. Gé e kó tó di búlúù tán, kó o wá ṣàlàyé ọ́síjìn. Ìparí ni kó o fi búlúù sí. Tó bá tètè hàn, ìbéèrè ti tán nìyẹn, wọ́n á lọ. Tó o bá mú fídíò yára, sọ fún wa.

Lẹ́yìn náà, wo ìlà àwọn òǹwòran nínú YouTube Studio. Tó bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ibi àlàyé ló ti já, ìbẹ̀rẹ̀ dáa; ọ̀rọ̀ rẹ ló gùn jù.