Ẹ Yé Fi Àdàkọ Parí Bùbá

Ó ti sú wa! Fọ́tò gé bùbá àǹkárá ọ̀rẹ́ wa ní ìbàdí. Ẹni tó tún un ṣe fa fọ́tò náà gùn nísàlẹ̀, ó fi Clone Stamp da òkè aṣọ kọ sísàlẹ̀. Òdòdó kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́po aṣọ sì dá gbáú níbi tí fọ́tò parí sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá fọ́tò mìíràn tí bùbá náà ti hàn tán. Ẹ mú ìṣẹ́tí rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó bá ìṣẹ́po mu, kí òjìji sì wà lódìkejì ìmọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gé fọ́tò náà dé àyà. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìṣẹ́tí.