Ẹjọ́ Tí Adájọ́ Ìdíje Ewì Kò Lè Dá

Sí Olóòtú,



Ewì kan ṣoṣo, tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò sí lára rẹ̀, kì í sábà fi han adájọ́ bóyá ènìyàn ló kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń ṣètò ìdíje kò fẹ́ gbọ́. Ní ọdún 2024, Brian Porter àti Edouard Machery ní Yunifásítì Pittsburgh tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ewì àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá pọ̀ mọ́ èyí tí ChatGPT fi fara wé wọn, wọ́n sì ní kí àwọn òǹkàwé tó lé ní 1,600 yà wọ́n sọ́tọ̀. Nǹkan bí 46 nínú 100 péré ni wọ́n gbà. Ẹni tó kàn ń ta owó ẹyọ sókè láì ka ewì rárá kò ní ṣe burú tó bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe onímọ̀ ewì. Síbẹ̀, ohun tó ṣì wọ́n lọ́nà yẹ ní mímọ̀. Ewì tó le, tí ìtumọ̀ rẹ̀ fara pamọ́, ni wọ́n ń rò pé ẹ̀rọ ló kọ. Èyí tó dán, tó sì tètè yéni, ni wọ́n ń kà sí iṣẹ́ ènìyàn. Ewì márùn-ún tí àwọn ènìyàn kọ̀ jù lọ láti gbà pé ọmọ ènìyàn ló kọ wọ́n, akéwì gidi ló kọ gbogbo wọn.

Adájọ́ tó mọṣẹ́ náà kò yọ sílẹ̀. Ní Japan, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Rie Qudan fi ìwé ìtàn kan gba ẹ̀bùn Akutagawa, tí àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ ń du lójú méjèèjì. Lẹ́yìn tó gbà á tán ni òun fúnra rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé bí ìdá 5 nínú 100 ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ChatGPT bó ṣe wà gan-an.

Nígbà tí ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àwọn kan sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò. Ohun tó bí lẹ́tà yìí nìyẹn. Nínú ìdíje ewì Yorùbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ewì ránṣẹ́ lórí ibi tí ìyá bàbá rẹ̀ ti ń dín gààrí. Kò sí oòrùn ìfẹ́ tàbí odò àánú nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé etí yẹ̀rì ni ìyá àgbà fi ń nu omi ojú nínú èéfín, kò jẹ́ fi gèlè nù ún, torí gèlè yẹn náà ni yóò wé lọ sọ́jà. Àfọ́kù ọlọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé lé àpò ẹ̀gẹ́ rírin kí omi rẹ̀ lè ro, ọmọ náà sì fi ìlà méje gbáko sọ bí ọlọ ọ̀hún ṣe fọ́ àti ẹjọ́ tí wọ́n rò lórí rẹ̀. Inú ìwé ilé-ìwé ló ti kọ ọ́, gbogbo ibi tó fagi lé ṣì wà níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, tí í ṣe ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, jókòó tì í títí ó fi to àmì ohùn sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èsì tó dé ni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò ní ó lé ní 80 nínú 100 pé kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́. Wọ́n tún fi kún un pé àmì ohùn rẹ̀ pé jù, pé kò sí ọmọdé òde òní tó ń fàmì sọ́rọ̀ báyẹn! Olùkọ́ pè wọ́n lórí fóònù, ó ní òun yóò gbé ìwé náà wá fún wọn. Wọ́n ní ìpinnu adájọ́ kò ṣeé yí padà. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀rí tí wọ́n mú yìí gan-an ló tako ẹjọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò lámì, òun sì ni ẹ̀rọ fi kọ́ èdè wa. Nítorí náà, orí àmì ni ẹ̀rọ ti sábà máa ń ṣubú: ó lè fi àmì òkè sí ibi tí ìsàlẹ̀ yẹ, ó sì lè gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà. Ewì tí àmì rẹ̀ pé tó sì tọ́ sábà máa ń fi hàn pé ẹnì kan jókòó tì í.

Ní ti ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé òmíràn rọrùn láti méfò. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti wọ gàù. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi méje nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ àròkọ 91 wò, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ nínú ìdánwò. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún yẹn kan náà, OpenAI tó ṣe ChatGPT kó ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò tirẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé kì í gbà á tó. Orí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Àwọn kan wá gbé e lé ewì Yorùbá.

Síbẹ̀, ibi tí àṣírí ẹ̀rọ ti máa ń tú ni àárín òkìtì iṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìtàn Clarkesworld ní Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn gbígba ìtàn pa fún ìgbà díẹ̀: nǹkan bí 500 ìtàn tí ẹ̀rọ kọ ti dé sórí 700 tí ènìyàn kọ láàárín oṣù yẹn nìkan. Ní ìwé ìròyìn Asimov's, olóòtú rẹ̀, Sheila Williams, rí ìtàn lóríṣiríṣi tí àkọlé wọn kò yàtọ̀: Ìrètí Ìkẹyìn. Ẹni tó ka ọ̀kan nínú wọn kò ní fura. Ẹni tó bá tẹ́ ogún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé inú ilé kan ni wọ́n ti wá.

Bí adájọ́ Yorùbá bá tẹ́ ewì tí ẹ̀rọ kọ lórí ìyá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé oòrùn ni ìyá níhìn-ín, oòrùn náà ni lọ́hùn-ún. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà mẹ́rin. Ìrètí ló fi ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òwe á wà níbẹ̀ tí a mọ orí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìrù rẹ̀ jẹ́ àdábọwọ́. Ìparí ìlà á máa bára dọ́gba bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, tí akéwì Yorùbá fi ń ṣeré, kàn ń lọ gátagàta. Kò ní sí ìlú, kò ní sí oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ewì tó gbapò kìn-ín-ní nínú ìdíje tí à ń wí yìí ní gbogbo àmì wọ̀nyí. Wọn kò tó láti fi dẹ́bi fún ẹni tó kọ ọ́, nítorí ọmọ ènìyàn tó ti ka ìkíni ọjọ́ ìbí jù náà lè kọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi ránṣẹ́ pè é kó wá dáhùn ìbéèrè.

Kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fòpin sí fífi ewì ránṣẹ́ lórí íméèlì pátápátá. Kí àwọn tó bá yege wá sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n ka tiwọn sókè, kí wọ́n fún wọn ní àkòrí tuntun àti wákàtí méjì pẹ̀lú bírò. Wọn á ní kò sówó. Owó ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé ń kọ́? Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn tó yege kì í jáde.  Ẹni tí wọ́n bá sì lé láìbi í léèrè, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Wọn kò tíì dá ti ọmọ yìí padà.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ọ̀yọ́.