Ímeèlì Kì í Ṣe Àpòòwé

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì ń pa wọ́n lára ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ yóò polówó iṣẹ́, yóò ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi síífíì rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú ímeèlì náà gan-an. Olùwáṣẹ́ yóò fi odidi alẹ́ kan kọ ìdáhùn tó gún régé sínú fáìlì ọ̀tọ̀, yóò so ó mọ́ ímeèlì, yóò sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ojú ímeèlì: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fáìlì tí mo so mọ́ ọn.” Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò gbúròó ẹnikẹ́ni, yóò ní àwọn tó lẹ́ni lókè nìkan ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Lóòótọ́ ni ojúsàájú wà nílùú. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí fáìlì náà rárá, pé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà wọ omi lọ.

Láti ayé ìwé ni àṣà náà ti wá. Nígbà tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ohun tó wà lójú àpòòwé kò ju àdírẹ́sì lọ. Inú ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé òye yìí wọ ayé ímeèlì. Wọ́n mú ojú ímeèlì bí àpòòwé, wọ́n sì mú fáìlì tí a so mọ́ ọn bí lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àdírẹ́sì àti àkọlé ni àpòòwé ímeèlì; ojú rẹ̀ ni lẹ́tà fúnra rẹ̀. Fáìlì tí a so mọ́ ọn kò yàtọ̀ sí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí a máa ń fi pín-ìnnì há ẹ̀yìn lẹ́tà. Kò sí ẹni tí yóò fi lẹ́tà òfìfo ránṣẹ́ láyé ìjọsí, kí ó ní kí ọ̀gá wo ẹ̀yìn.

Ó yẹ kí olùwáṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ímeèlì ń lọ bá. Kí ó tó ṣí i, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àkọlé, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà ló ń rí. Bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà bá jẹ́ “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fáìlì”, ẹni náà kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ asẹ́: wọ́n fi ń ya àwọn tí wọn yóò ka síífíì wọn sọ́tọ̀. Bí igba ènìyàn bá kọ̀wé, tí ṣíṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú kan péré, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ka ohunkóhun. Orí fóònù ni ẹlòmíràn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, níbi tí `Document1.docx` ti lè kọ̀ láti ṣí. Ẹ̀rù kòkòrò kọ̀ǹpútà sì ń mú kí àwọn mìíràn yẹra fún fáìlì tó ti ọwọ́ àjèjì wá. Ìdáhùn tó wà lójú ímeèlì kò ní ìdènà kankan nínú wọ̀nyí.

Kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ń wá akọ̀wé tí yóò máa bójú tó owó. Ó béèrè ohun mẹ́ta: ibi tí ẹni náà ń gbé àti ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀, iye tó ń retí lóṣù, àti ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe bí owó inú àpótí bá fi ₦18,000 dín sí iye tó wà nínú ìwé. Ìdáhùn tó péye lójú ímeèlì kò ju báyìí lọ:

“1. Ibùgbé àti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀: Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, màá kó wá sí Ìbàdàn. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá gbà mí, nítorí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó ibi iṣẹ́ mi létí.

2. Owó oṣù: ₦150,000 sí ₦180,000.

3. Owó tó dín: Màá tún owó náà kà lójú ẹlòmíràn. Nítorí pé a lè fi mẹ́sàn-án pín 18,000 láìṣẹ́kù, màá wò ó bóyá ẹnì kan yí nọ́ńbà padà, bíi kí ó san ₦31,000 kí ó sì kọ ₦13,000. Màá fi rísíìtì wé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí n kò bá rí i, màá sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ẹni tó bá ka ìdáhùn kẹta yẹn ti mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà nínú fáìlì tí a kò ṣí, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí kò kọ nǹkan kan. Kí a sì kíyè sí i pé nọ́ńbà ló dáhùn ìbéèrè kejì. Ẹni tó bá kọ “a ó jọ sọ ọ́” kò tíì dáhùn.

Kò sí ohun tó burú nínú kíkọ ìdáhùn sínú fáìlì lákọ̀ọ́kọ́, kí iná má baà lọ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó dà á kọ sí ojú ímeèlì kí ó tó fi ránṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, `Ctrl+Shift+V` nínú Chrome yóò gbé ọ̀rọ̀ nìkan wọlé láìsí àwọ̀ àti àtẹ tó lè dàrú lójú ẹlòmíràn. Nọ́ńbà tí ìpolówó lò ni kí ó tẹ̀ lé. Kí ó fi àdírẹ́sì sẹ́yìn pátápátá, kí ímeèlì má baà lọ láìtíì parí. Síífíì nìkan ni kí ó so mọ́ ọn.

Àwọn tó ń gbèjà fáìlì máa ń ní ó buyì jù, wọn a sì fi òwe gbe ara wọn lẹ́sẹ̀: bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n ṣi òwe náà lò. Bí a ṣe ń fi ọgbọ́n jẹ́ iṣẹ́ ni òwe ń sọ; kò ní kí a gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé mìíràn. Àwọn mìíràn ní pàkúté lásán ni. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pàkúté, ohun tó ń dán wò kò ju pé ṣé ẹni yìí ń ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ, iṣẹ́ tó sì ń béèrè fún kò ṣeé ṣe láìsí ìyẹn.

Agbanisíṣẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ bó bá fi ìlànà yìí pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìpolówó gígùn, tàbí tó béèrè ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá sì ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kí ó tó rí ènìyàn sójú, kò yẹ kí a dá a lóhùn rárá. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbéèrè bá ti mọ́, tí ìlànà sì hàn gbangba, ibi tí wọ́n bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ojú ímeèlì ni wọ́n ní kí a kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni kí a kọ ọ́ sí.