Aago ń kọrin nínú ilé, ó yadi lójú títì!

Abúlé Adó ni lẹ́tà tọ̀sẹ̀ yìí ti wá, ìyá aránṣọ kan ló kọ ọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa rin ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ń rìn ín, àfi ìgbà tí ọlọ́kadà kan já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Owó àjọ ni wọ́n fi ra òmíràn, wọn ò sì gbé e jáde mọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn láìsí orin sú wọn. Ni wọ́n bá ra aago ọwọ́ ìgbàlódé àti yíápíìsì tí kò ní wáyà. Nínú ilé, orin ń dún kíkankíkan. Wọn ò tíì dé igun àdúgbò tó fi dákẹ́. Wọ́n ní ṣé gbájúẹ̀ ni wọ́n lu àwọn?

Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ wọn.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Bá mi wò ó o, àbí àlùjọ̀nnú wà nínú rẹ̀ ni?”

Mo ní kí wọ́n pa fóònù wọn pátápátá, kí wọ́n wá tẹ orin lójú aago. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, “Mà, aago yìí ò kọrin rí. Fóònù tó wà lórí tábìlì ló ń kọrin sí yín létí. Aago kàn ń pàṣẹ fún un bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni.” Bulutúùtù tó so fóònù mọ́ yíápíìsì kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà 10, ògiri sì tún ń dín in kù. Ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́.

Aago tó máa kọrin fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní mẹ́mórì tí orin lè wọ̀ sí, ó sì gbọ́dọ̀ lè wá yíápíìsì kàn láìsí fóònù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kò ní méjèèjì, bí wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán orin sójú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú yíápíìsì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ aago, kó sì fi orin kan sí i fún yín gbọ́.

Orí bá ìyá wa ṣe é, ọmọ wọn ní Galaxy Watch àtijọ́ kan tí kò lò mọ́. Ìyẹn lè ṣe é. Orin la kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Lórí fóònù, a ṣí Galaxy Wearable, a wọ Watch settings, a tẹ Manage content, a yan orin. Orin MP3 tó mọ níwọ̀n ń gbà tó MB 1 fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìrìn wọn ò ju MB 30 lọ. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni o, a fi aago sórí ṣáàjì títí ó fi parí.

Yíápíìsì ló wá fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Bí a ṣe ń yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀ ló ń sáré lọ bá fóònù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A pa Bulutúùtù fóònù. A tẹ bọ́tìnnì ara páálí náà mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú. Lójú aago, a wọ Settings, Connections, Bluetooth, orúkọ rẹ̀ yọ, a tẹ̀ ẹ́. Orin dún, fóònù sì wà ní pípa. Ìyá jó!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún pè mí: orin ń já, ó ń kólòlò lójú títì. Èyí ò kan ẹni tó ta ọjà. Omi inú ara èèyàn ló ń gbé Bulutúùtù mì. Nínú yàrá, ògiri máa ń ta á padà sí etí, ṣùgbọ́n ní gbangba kò sí ohun tó máa ta á padà. Ọwọ́ òsì ni aago wọn wà, ó sì jọ pé yíápíìsì ọ̀tún ló ń gba orin fún ìkejì. Mo ní kí wọ́n gbé aago sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó mọ́ gaara. Tó bá jẹ́ pé ó burú sí i ni, ọwọ́ òsì ni ká dá a padà sí.

Etí ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń kì í bọ̀ báyìí, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ̀kadà lẹ́yìn. Mo fọwọ́ sí i. Orin ń mu bátìrì aago ju aago lásán lọ, nítorí náà alaalẹ́ ni wọ́n ń fi sórí ṣáàjì.

Aago àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹni tó tà á ní òun ò gbà á padà. Ó wà lára màṣíìnì ìránṣọ, wọ́n fi ń wo aago.